Físà iṣẹ́ UK: ilé-iṣẹ́ wo gan-an ló yẹ kéèyàn máa kọ̀wé sí? Ínjíníà síbíìlì ni mí, Ìkòròdú

ỌmọÌgbógbó
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ bá mi dá sí i. Ẹni ọdún 31 ni mí, ínjíníà síbíìlì, B.Eng ni mo ní, ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, sáìtì títì àti gọ́tà ni mò ń bójú tó ní ìhà Ìgbógbó níbí. Láti September ni mo ti ń wáṣẹ́ sí UK. Mo dáúnlóòdù lísítì àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní láìsẹ́ǹsì sípọ́ńsọ̀ lórí GOV.UK, mo bẹ̀rẹ̀ láti A, mo sì ń fi íméèlì àti sífí ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́ tí iná bá wà. 140 ni mo ti kọ sí báyìí. Àwọn 9 ló dá mi lóhùn, gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì sọ pé àwọn kì í ṣe sípọ́ńsọ̀. Ibi tó ti sú mi nìyẹn. Orúkọ wọn wà nínú lísítì, ìjọba tiwọn ló kọ ọ́ síbẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe tún máa ní àwọn kì í ṣe é? Ṣé wọ́n kàn ń lé mi ni àbí èmi ni mi ò ka lísítì yẹn bó ṣe yẹ?

Alágbàṣe_Ṣábọ̀
Àbúrò, má jẹ́ kó sú ẹ, 140 ò tíì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti wà nínú lísítì lè mú èèyàn wọlé, kò sí ọ̀kan tí kò lè ṣe é níbẹ̀, wọn ò kàn fẹ́ ni. Tó o bá kọ sí 500 ẹnì kan á gbà. Ohun tí mo kàn máa sọ ni pé kó o fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ pátápátá, àwọn ńlá ńlá ni kó o dojú kọ, torí owó tí wọ́n ń san lórí ẹnì kan kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ kékeré lè san, ó ju £5,000 lọ.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo bọ́ sí i, àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ béèrè fún, nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́ ni ní hòsípítù aládàáni kan níbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹnì kan sọ fún un pé àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ní UK ń mú èèyàn, pé wọ́n wà nínú lísítì yẹn náà. Kí ló máa kọ sínú lẹ́tà rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́nLeeds
ỌmọÌgbógbó, ọmọ Ìtá-Ẹlẹ́wà ni mí, ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan ni mo wà níbí, èmi sì wà lára àwọn tó ń wọ orí ẹ̀rọ sípọ́ńsọ̀ ìjọba láti tọrọ ìwé fún òṣìṣẹ́, nítorí náà ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ. Wọn ò purọ́ fún ẹ. Ìbéèrè tó o béèrè yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì béèrè rẹ̀ títí owó á fi tán lọ́wọ́ wọn.

Jẹ́ kí n fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 2021 la gba láìsẹ́ǹsì tiwa. Ọmọbìnrin kan ló fà á, ó ti parí ẹ̀kọ́ níbí, físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ tán, iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ọ̀gá wa ò fẹ́ kó lọ, a wá gba láìsẹ́ǹsì nítorí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn orúkọ wa wà nínú lísítì. Ṣùgbọ́n títí di òní a ò tíì fi láìsẹ́ǹsì yẹn mú ẹnì kankan wá láti òkè òkun. Tó o bá kọ sí wa lánàá, ọmọbìnrin tó wà ní rìsẹ́pṣọ̀n máa dá ẹ lóhùn pé a kì í ṣe sípọ́ńsọ̀, òótọ́ ló sì ń sọ gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Irú wa ló kún inú lísítì yẹn, orúkọ tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Ìwé CoS, ìyẹn Certificate of Sponsorship, tí ilé-iṣẹ́ máa ń fún òṣìṣẹ́ kó tó lè gba físà, pín sí méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Undefined jẹ́ ti ẹni tó ti wà nínú UK tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń fún ilé-iṣẹ́ ní iye kan tó lè lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Defined ni tìẹ, ẹni tó wà lẹ́yìn odi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ á sì máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n á kọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, owó tí wọ́n máa san, wákàtí iṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ìdáhùn máa ń dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan, àmọ́ wọ́n lè bi ilé-iṣẹ́ ní ìbéèrè kí wọ́n tó fún un. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ Undefined nìkan ló ti ń lò láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù Defined máa ń bà á torí kò ṣe é rí. Ohun tó o ní láti wá nínú lísítì ni ilé-iṣẹ́ tó ní ìdí láti tọrọ Defined fún ínjíníà síbíìlì, ìyẹn sì kéré gan-an sí iye tó wà níbẹ̀.

ỌmọÌgbógbó
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé gan-an, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi báyìí ni. Ṣé nínú lísítì fúnra rẹ̀ èèyàn lè rí i, àbí ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá dáhùn ni?

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Lísítì ò sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ, àmọ́ ó sọ díẹ̀. Ohun tó wà lórí fáìlì yẹn ò ju èyí lọ:

```
Organisation Name,Town/City,County,Type & Rating,Route
```

Ṣí i nínú Excel. Ní Type & Rating, àwọn tí wọ́n kọ Worker (A rating) sí nìkan ni kó o mú. Ẹni tó bá wà ní B rating ò lè fún òṣìṣẹ́ tuntun ní CoS títí wọ́n á fi dá a padà sí A. Ní Route, Skilled Worker ni kó o mú. O máa rí ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá tó jẹ́ pé Global Business Mobility nìkan ló wà níwájú orúkọ wọn, ìyẹn jẹ́ láti fi gbé òṣìṣẹ́ tiwọn láti ẹ̀ka wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn wá, o ò lè bá ibẹ̀ wọlé. Tó o bá ti kọ sí irú wọn, àdánù ni. Lẹ́yìn ìyẹn kó o wá ṣọ́ orúkọ. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló máa ń wà níbẹ̀, ó lè yàtọ̀ sí èyí tó wà lára ọkọ̀ àti pátákó wọn, nítorí náà tó ò bá rí i lójú ẹsẹ̀ má yára sọ pé kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà gbàgbé lísítì, lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Má kọ íméèlì lásán sí ẹni tí kò polówó iṣẹ́ kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n bá polówó ni kó o kọ́kọ́ rí, kó o wá padà sínú lísítì wò bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀. Bó o ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn lo kọ́kọ́ mú dípò iwájú.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀pẹ́
Ẹ̀gbọ́n Leeds ẹ ò dá mi lóhùn o. Àbúrò mi ti fẹ́ẹ́ san owó fún ẹni yẹn.

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Ẹ má bínú Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè é lórí fóònù nísinsìnyí, ẹ ní kó má san kọ́bọ̀. Ọ̀nà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó yẹn ti tì fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi láti 22 July 2025. Àwọn ilé ìtọ́jú yẹn ṣì wà nínú lísítì torí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè gba ẹni tuntun láti Ẹ̀pẹ́ wá. Lẹ́tà tó dáa tó báwo náà kò lè ṣí i. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó gba ìwé ẹ̀rí ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn ṣì wà, àmọ́ á gba ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbí. Ṣé nọ́ọ̀sì ni àbí olùrànlọ́wọ́?

ÌyáÌbejì_Ẹ̀pẹ́
Olùrànlọ́wọ́ ni o. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣeun, mo ti pè é, ó ní ẹni yẹn sọ pé ìwé náà ti jáde. Mo ní kó dúró dè mí, mo ń bọ̀ wá bá a lálẹ́ yìí.

DéGbàdágìrì
Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kó san. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi kẹ́ ẹ lè fi sọ fún un. Ẹ̀jẹ́ńtì kan ló gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní owó CoS ni, ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Badagry la tà apá kan ẹ̀. Ìwé náà jáde lóòótọ́, físà jáde, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó débẹ̀ kò síṣẹ́ tó tó wákàtí tí wọ́n kọ sínú ìwé, ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á pè é, ọ̀sẹ̀ kejì wọn ò ní pè é. Kò pé oṣù 5 tí ìjọba fi gba láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ̀wé sí i pé ọjọ́ 60 ló ní láti wá sípọ́ńsọ̀ mìíràn tàbí kó kúrò. Ọjọ́ 60, ẹ̀yin èèyàn mi, pẹ̀lú ọmọ méjì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a ò bá ti mọ̀. Ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ tán ni ẹnì kan kọ́ mi pé èèyàn lè wo ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Companies House, ibi tí ìjọba UK ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Mo tẹ orúkọ wọn síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ò tíì pé ọdún kan àbọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n kọ pé àwọn ń ṣe níbẹ̀ ò bá ohun tí wọ́n sọ fún wa mu, àkántì kan péré ni wọ́n tíì fi sílẹ̀, owó inú rẹ̀ ò lè san owó oṣù èèyàn mẹ́ta. Àmọ́ nínú lísítì GOV.UK, A rating ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ owó CoS tó o sọ yẹn, kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n: láti 31 December 2024, ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ mú kí òṣìṣẹ́ san owó CoS tàbí owó láìsẹ́ǹsì padà fún òun, owó tí wọ́n ń pè ní Immigration Skills Charge sì ti jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ni owó físà àti owó ìlera, ìyẹn £1,035 lọ́dún kan, orí ẹ̀rọ ìjọba lo sì máa san án sí fúnra rẹ, kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹni tó bá ní kó o san owó CoS fún òun ti fi ohun tí òun jẹ́ hàn ẹ́.

Alágbàṣe_Ṣábọ̀
Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì lórí ti ẹ̀jẹ́ńtì. Àmọ́ lórí ti ilé-iṣẹ́ kékeré mi ò yí ohùn padà o. Ẹ wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kékeré ni. Ńlá ló dáa.

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó, torí ó ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Láti December 2025 owó Immigration Skills Charge fún ilé-iṣẹ́ ńlá jẹ́ £1,320 fún ọdún kan òṣìṣẹ́, ti kékeré jẹ́ £480. Iye ọdún tí CoS bá jẹ́ ni wọ́n máa san lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ọdún 3 ni wọ́n fẹ́ gba ọmọ yìí fún, ilé-iṣẹ́ ńlá á san £3,960, kékeré á san £1,440. Kí àwọn méjèèjì fi owó CoS kún un, £525 ló jẹ́ lọ́dún 2025. Kékeré tó ti ní láìsẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀ kò ní san tó £2,000. Fún ilé-iṣẹ́ tó ti ń wá ínjíníà láti oṣù 8 tí kò rí, tí kọ́ńtíráàtì ń dúró, owó yẹn ò tó ohun tó ń pàdánù. Èyí tí mo máa ní kó yẹra fún ni kékeré tí kò tíì ní láìsẹ́ǹsì rárá. Lọ́dún 2025 £574 ni fọ́ọ̀mù rẹ̀, ìdáhùn lè gba ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò ní sùúrù fún ìyẹn nítorí ẹni tí wọn ò tíì fojú rí.

Àwọn ńlá ní ìṣòro tiwọn náà. Fọ́ọ̀mù wọn máa ń bi ẹ́ bóyá o máa nílò sípọ́ńsọ̀, tó o bá ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni, níbòmíì ẹ̀rọ ló máa kọ ẹ́, èèyàn kankan ò ní rí sífí ẹ. Ẹ má sì tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ o, wọ́n máa mọ̀ lọ́jọ́ íńtáfíù, orúkọ ẹ á bàjẹ́ níbẹ̀. Ibi tí mo ti rí i kó ṣiṣẹ́ fún ínjíníà ni àárín méjì: ilé-iṣẹ́ tó ní bíi èèyàn 60 sí 300, tó ń ṣe iṣẹ́ omi, títì tàbí rélùwéè, tó sì ti ní òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́. Ìrírí tèmi nìyẹn, ẹlòmíì lè rí i lọ́nà mìíràn.

ỌmọÌgbógbó
Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Àwọn 140 yẹn, nígbà tí mo yọ àwọn tí kì í ṣe Skilled Worker àti àwọn tí iṣẹ́ wọn ò kan ìkọ́lé rárá (ilé oúnjẹ wà nínú ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀, ojú ti fẹ́ẹ́ ń tì mí), 11 ló kù. Nínú 11 yẹn, 2 ló ń polówó iṣẹ́ ínjíníà báyìí. Ọ̀kan lára wọn dáhùn lánàá! Wọ́n ní àwọn lè rò ó wò. Site Engineer, £40,200 lọ́dún, wákàtí 45 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú mọ́tò ilé-iṣẹ́ àti owó ilé £3,000. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ £43,200, ó kọjá £41,700 tí ìjọba ní kó jẹ́. Ṣé mo ti yege nìyẹn?

Alágbàṣe_Ṣábọ̀
Ah! Àbúrò mi, kú oríire! Ó ti kọjá £41,700, ó ti bọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Inú mi dùn fún ẹ, àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń kú nìyí, jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Àkọ́kọ́, owó ilé ò wọlé. Owó oṣù gan-an tí wọ́n fọwọ́ sí pé wọ́n máa san láìyẹ̀ ni ìjọba ń kà, wọn kì í ka owó ilé, mọ́tò tàbí óvátáìmù tí kò dájú. Nítorí náà £40,200 lo ní lọ́wọ́.

Ìkejì, £41,700 nìkan kọ́ ni ìdíwọ̀n. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀, kóòdù kọ̀ọ̀kan sì ní iye tí wọ́n so mọ́ ọn, èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san. Kóòdù ínjíníà síbíìlì ni 2121, iye tó wà níwájú rẹ̀ láti July 2025 ni £45,500.

Ìkẹta ni èyí tí kò hàn sójú: £45,500 yẹn, wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Tó o bá máa ṣe wákàtí 45, iye náà á gòkè tẹ̀ lé e. Pín 45,500 sí 37.5, kó o fi 45 sọ ọ́ di púpọ̀, á fún ẹ ní £54,600. Iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ san ẹ́ nìyẹn fún wákàtí 45. £40,200 jìnnà sí i gan-an. Èmi fúnra mi ti rí ìwé kan tí wọ́n fi wákàtí sáìtì sí láìronú, tí owó náà dáa lójú, tí ìjọba kọ ọ́ torí wákàtí. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe ìṣírò yẹn lódì, owó físà ọmọ ọlọ́mọ ló sì lọ sí i.

ỌmọÌgbógbó
Ẹ̀gbọ́n, ara mi ti rọ. Ó ti parí nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Kò tíì parí. Dá mi lóhùn: wọ́n sọ ohunkóhun nípa ICE nínú ìpolówó yẹn? Ẹgbẹ́ àwọn ínjíníà síbíìlì níbí ni mò ń sọ, pé wọ́n máa tì ẹ́ lẹ́yìn láti di chartered, ìyẹn ínjíníà tí ẹgbẹ́ náà ti fọwọ́ sí ní kíkún?

ỌmọÌgbógbó
Bẹ́ẹ̀ ni! Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀, wọ́n ní «support towards ICE chartership». Mi ò kà á sí nǹkankan.

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Òfin yẹn fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń pè ní new entrant. Ọ̀pọ̀ rò pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 26 tàbí ẹni tó ń ti físà akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀ nìkan ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé ó ń kọ́ṣẹ́ lọ síbi àtiforúkọ sílẹ̀ tàbí kó di chartered lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ni iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, kò sì kan ọjọ́ orí. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ £41,700 á di £33,400, iye kóòdù á sì di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdá 70 nínú £54,600 jẹ́ £38,220. £40,200 kọjá rẹ̀, ó kọjá £33,400 náà. Ó wọlé. Ó wọlé pẹ̀lú £1,980 péré lórí, nítorí náà wákàtí yẹn gbọ́dọ̀ wà ní 45. Tí mánijà kan bá ní kí wọ́n kọ 48 sí i, á di £40,768, ó ti já nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kó o rí nínú gbogbo èyí ni ibi tó yẹ kó o máa wá báyìí. Ilé-iṣẹ́ tó ní ètò ìkọ́ṣẹ́ tí ICE fọwọ́ sí, bíi Arup àti Mott MacDonald nínú àwọn ńlá, àti àwọn tó kéré sí wọn tó ń ṣe irú ètò kan náà. Owó tí wọ́n ń san fún ínjíníà tí kò tíì di chartered máa ń bọ́ sí àárín yẹn. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ á ní láti san owó kíkún fún ẹ, ẹni tí wọn ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò ní ṣe é.

DéGbàdágìrì
Ẹ̀gbọ́n mo fẹ́ béèrè, HND ni èmi ní, Lagos State Polytechnic ní Ìkòròdú kó tó di yunifásítì. Mo gbọ́ pé láti July yẹn wọ́n ní dígírì nìkan ni wọ́n ń gbà. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Rárá o, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ lódì fún ẹ. Iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó wà ní ìpele dígírì, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ẹ. Òfin físà ò ní kó o mú B.Eng wá kó o tó ṣe iṣẹ́ 2121. Ilé-iṣẹ́ ló lè béèrè rẹ̀. Ibi tó ti lè le fún ẹ ni ti ICE, torí HND lè gbé ẹ gba ọ̀nà Incorporated Engineer dípò chartered.

Alágbàṣe_Ṣábọ̀
Ṣé Incorporated yẹn wọ inú new entrant náà?

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Ojú tí mo fi kà á, full registration ló wà nínú òfin náà pẹ̀lú chartered, mo sì rò pé ó yẹ kó wọ̀ ọ́. Àmọ́ ti chartered nìkan ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe, kó béèrè lọ́wọ́ lọ́yà ìmígíréṣọ̀n tó forúkọ sílẹ̀ kó tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

OmidanÌmọ̀tà
Ẹ̀yin ará ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ bi Ẹ̀gbọ́n Leeds nǹkan kan tẹ́nikẹ́ni ò béèrè. New entrant yẹn, ọdún 4 ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ìwé ìgbélé títí láé sì ju ọdún 4 lọ. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún kẹrin rẹ̀ ti ń parí, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò lè gbé owó rẹ̀ dé iye kíkún, ó ń wá sípọ́ńsọ̀ mìíràn báyìí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ṣé ẹ ò rò pé kó dúró de ilé-iṣẹ́ tó lè san kíkún látìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Òótọ́ lo sọ, sistá, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Tí ọdún 4 bá pé, iye kíkún ti ìgbà náà ni wọ́n máa béèrè, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye tó máa jẹ́ nígbà yẹn. Èmi á gbà á, torí ínjíníà tó bá di chartered láàárín ọdún 3 máa ń rí owó tó ga, ilé-iṣẹ́ mìíràn á sì fẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ní ìdílé tó fẹ́ kó tẹ̀ lé e lè wò ó lọ́nà tìrẹ.

OmidanÌmọ̀tà
Ọkọ ọ̀rẹ́ mi náà rò pé òun á di chartered láàárín ọdún 3. Iṣẹ́ sáìtì ò jẹ́ kó ráyè kọ ìwé tí wọ́n ń béèrè. Ká má fojú kékeré wo ìyẹn. Èmi ò ní gbà á láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan níbẹ̀ máa jẹ́ olùtọ́sọ́nà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Ìyẹn dáa gan-an, ẹ jẹ́ kó béèrè rẹ̀. ỌmọÌgbógbó, ohun tí mo máa kọ tó bá jẹ́ èmi nìyí, kúkúrú ni kó jẹ́, mánijà wọn ò ní ka gígùn. Kó o béèrè bóyá wọ́n lè tọrọ Defined CoS fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Kó o béèrè kóòdù tí wọ́n máa fi iṣẹ́ náà sí, torí tí wọ́n bá kọ ti tẹkiníṣíànì sí i, gbogbo ìṣírò wa ti dà rú. Kó o ní kí wọ́n kọ wákàtí àti owó oṣù sínú lẹ́tà láìfi owó ilé kún un. Kó o wá béèrè ẹni tó máa tọ́ ẹ sọ́nà fún ICE. Kó o tó fi ránṣẹ́, wo orúkọ wọn lórí Companies House bí DéGbàdágìrì ṣe sọ.

ỌmọÌgbógbó
Mo ti wò wọ́n. Láti 1998 ni wọ́n ti wà, àkántì wọn pé lọ́dọọdún, iṣẹ́ omi àti títì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo ti fi íméèlì náà ránṣẹ́ ní aago 9 àárọ̀ yìí.

ÌyáÌbejì_Ẹ̀pẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo kàn ní kí n sọ fún yín pé àbúrò mi ò san án. Mo dé ibẹ̀ lálẹ́ àná, mo ní kí ẹni yẹn fi nọ́ńbà CoS hàn wá lójú wa, ó ní ọ́fíìsì òun ní Ìkẹjà ló wà. Kò gbé fóònù mọ́ láti àárọ̀. Ọmọ náà ṣì ń sunkún, ó ní mo ti ba ọ̀nà òun jẹ́.

DéGbàdágìrì
Ẹ fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí i nínú ínbọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀.

ỌmọÌgbógbó
Ẹ̀yin ará, wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ní kóòdù 2121 ni, wákàtí á wà ní 45, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti tọ́ èèyàn méjì sọ́nà di chartered. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ò tíì tọrọ Defined rí, Undefined nìkan làwọn ti lò, pé àwọn máa bá lọ́yà àwọn sọ̀rọ̀ kí àwọn tó fún mi lésì. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n Leeds, ṣé kí n máa kọ sí àwọn mìíràn títí dìgbà yẹn àbí kí n dúró?

Ẹ̀gbọ́nLeeds
Máa kọ. Ẹnì kejì tó ń polówó nínú 11 yẹn ńkọ́, o ti kọ sí i?